DRY, FAN, AUTO, TURBO lórí rìmóòtù amúlétutù: èwo la ń tẹ̀ lásìkò òjò yìí?

Ará Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Amúlétutù 1.5HP ló wà ní yàrá mi ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Kì í ṣe ínfátà. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, aṣọ inú wọ́dúróòbù ń rùn, bàtà aláwọ sì ti ń bu. Wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀rọ sí DRY. Mo fi í síbẹ̀ láti agogo 3 ọ̀sán, yàrá kò tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò lágbára, nọ́mbà ojú rìmóòtù kò sì ṣe é yí. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Kí sì ni FAN, AUTO àti TURBO wà fún gan-an?

Gbọ́nmú

Kò bàjẹ́. Bí DRY ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìdajì iná COOL ni ó ń jẹ, torí náà ẹ fi í síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, owó á dín kù. TURBO ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá, òun ló ń jẹ gáàsì tán.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Gbọ́nmú, kò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ìyókù wò. Ará Lágéré, nǹkan méjì péré ni kí ẹ máa ṣọ́, gbogbo bọ́tìnnì yẹn á sì yé yín. Àkọ́kọ́ ni kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ìta, òun ló ń mú kọ́ìlì, ìyẹn páìpù lílọ́ inú ẹ̀rọ ara ògiri, tutù. Èkejì ni fáànù tó wà nínú ẹ̀rọ ara ògiri, òun ló ń gbé òtútù yẹn wá bá yín. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣe sí ara wọn ló ń yí padà bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì.

Ní COOL, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á ṣiṣẹ́ títí yàrá á fi dé nọ́mbà tí ẹ yàn, á wá dákẹ́, ṣùgbọ́n fáànù inú kì í sábà dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń rùn ti wá. Nígbà tí kọ́ìlì bá tutù, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń dì mọ́ ọn lára, bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn. Tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá dákẹ́, tí fáànù ṣì ń fẹ́, omi tí kò tíì kán sínú páìpù á tún gbẹ padà sínú yàrá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kò sí wàhálà níbẹ̀, torí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ní òru òjò, tí ìta fúnra rẹ̀ ti wà ní dígírì 23 tàbí 24, kíá ni yàrá ń dé nọ́mbà. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á sinmi pẹ́, fáànù á sì máa dá omi padà. Yàrá á tutù, á sì tún máa rin.

Ní DRY, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán omi, ẹ̀rọ á fa fáànù sílẹ̀ pátápátá, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kò fi lágbára. Afẹ́fẹ́ tó bá rọra kọjá lára kọ́ìlì ń fi omi tó pọ̀ sí i sílẹ̀. Tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá wá dákẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á dá fáànù náà dúró, kí omi lè kán tán.

Ọ̀rọ̀ ti nọ́mbà tí kò yí: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń wo bí yàrá ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú tí ẹ tẹ DRY, á wá mú nǹkan bíi dígírì 2 sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń lé. Agogo 3 ọ̀sán lẹ tẹ̀ ẹ́. Tí yàrá bá wà ní 30 nígbà yẹn, 28 ló ń lé, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Nítorí náà, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi í sí COOL, nọ́mbà 25, fún bíi ìṣẹ́jú 30 sí 40 kí ooru ọ̀sán kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tẹ DRY. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 sí abẹ́ páìpù omi níta, kí ẹ wo iye tó wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́, kí ẹ tún wo ti wákàtí méjì tó tẹ̀lé e. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló máa sọ̀rọ̀.

Gbọ́nmú

Ọ̀gá Òkèsà, ẹ kò sọ nǹkan kan nípa iná o. Ṣé DRY kò dín iná kù ni?

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Ó sinmi lé ohun tí ẹ fi wé e. 1.5HP tí kì í ṣe ínfátà ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,200 nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ DRY, ì báà jẹ́ COOL. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ yẹn kò mọ ìdajì. Tó bá tan, ó tan, tó bá kú, ó kú. Ohun tó ń dín iná kù ni iye ìṣẹ́jú tó fi sinmi. Ká ní ó ń sinmi ìdajì wákàtí nínú DRY, wáàtì 600 ni wákàtí kan máa jẹ, ìyẹn yúníìtì 0.6. Tí yúníìtì bá jẹ́ ₦200, ₦120 nìyẹn. COOL lórí 20 ní ọ̀sán lè má sinmi rárá, á jẹ ₦240. Lójú èyí, ẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n COOL lórí 26 ní òru òjò lè sinmi ju DRY lọ, owó rẹ̀ á sì kéré sí ti DRY. Ojú mítà ni kí ẹ wò. Kò sí bọ́tìnnì tó ní òun nìkan ló ń dín iná kù.

Ìyá Ibejì Mọ́dákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Tèmi tún burú ju ti bàtà lọ. Tí mo bá fi sí DRY, omi ń kán láti ara ẹ̀rọ inú ilé sórí tẹlifísàn! Tí mo bá fi sí COOL, kì í sábà kán. Ṣé kì í ṣe pé DRY ló ń pọn omi jù?

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Mà, ẹ kọ́kọ́ gbé tẹlifísàn kúrò níbẹ̀. DRY ń fa omi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi yẹn kò yẹ kó gba inú ilé. Ohun méjì ló lè fà á, ọ̀nà sì wà láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ fi sí DRY fún wákàtí kan, kí ẹ pa á, kí ẹ ṣí ìdérí iwájú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ́ìlì. Tí ẹ bá rí i pé yìnyín funfun bò ó, afẹ́fẹ́ kò tó tàbí gáàsì ti dín kù. DRY ti fa fáànù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí asẹ́ bá tún dí pẹ̀lú eruku, kọ́ìlì á tutù kọjá ààlà, omi ara rẹ̀ á dì. Tí yìnyín bá wá ń yọ́, omi kò ní tẹ̀lé ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́, iwájú ni yóò kán sí. Nínú COOL tí fáànù wà lókè, afẹ́fẹ́ pọ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi sábà ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ asẹ́ náà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Kí ẹ tó tún lo ẹ̀rọ, ẹ fi sí FAN fún wákàtí kan kí yìnyín yọ́ tán; ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ nígbà náà. Tí asẹ́ bá mọ́ tí yìnyín ṣì ń padà wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì, ẹ pe oníṣẹ́ kó wá wá ibi tó ń jò.

Tí kò bá sí yìnyín rárá, ó lè jẹ́ páìpù omi ló dí. Ẹ rọra da ife omi kan sínú àwo abẹ́ kọ́ìlì. Tí omi yẹn kò bá jáde níta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdọ̀tí tó ń yọ̀ bí ẹ̀fọ́ ewédú ti wà nínú páìpù. Kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù náà ni, kì í ṣe pípààrọ̀ ẹ̀rọ.

Olùkọ́ Parakín

Ẹ kú ìjíròrò. Mo rò pé ẹ ń da ọkàn Ará Lágéré láàmú ni. Èmi kì í ṣe wàhálà DRY yìí rárá, AUTO ni mo ń lò. Mo fi sí COOL 24, mo wá fi AUTO sí i, fáànù fúnra rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kó fi sí AUTO, ó parí.

Fíríìjì Sábó

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, AUTO méjì ló wà lórí rìmóòtù, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ nípa èkejì. Èyí tí ẹ ń tẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì fáànù, ìyẹn FAN SPEED. Fáànù nìkan ló ń darí: yàrá bá gbóná, á fẹ́ gan-an, bó bá ku díẹ̀ kó dé nọ́mbà, á rọ̀. COOL ni ẹ̀rọ yín ṣì wà.

AUTO tí wọ́n ń bèèrè wà lórí bọ́tìnnì MODE, ó sábà jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn. Tí ẹ bá tẹ ìyẹn, ẹ̀rọ ló ń yan iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Á wo bí yàrá ṣe gbóná tó: ó gbóná, COOL, ó wà láàárín, DRY tàbí FAN. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nọ́mbà á ti ara rẹ̀ mọ́ bíi 25, ẹ kò lè yàn án. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀ ni pé ooru ló ń wò, kì í wo ọ̀rinrin. Yàrá tó wà ní 25 tó sì ń rin gbindin lè bọ́ sí FAN lọ́wọ́ AUTO, torí lójú tirẹ̀ kò sí iṣẹ́ tó kù. Fún bàtà tó ń bu, kò wúlò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀ tó ní àmì oòrùn lórí rìmóòtù, ẹ kíyè sí AUTO lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mú ilé gbóná. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Iléṣà, tí yàrá bá sọ̀ sí ìsàlẹ̀ 20, AUTO lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru, ẹ ó sì rò pé nǹkan ti jó.

Olùkọ́ Parakín

Háà, méjì ni wọ́n? Mo ti rí i báyìí. Ṣùgbọ́n èmi ò kúrò lórí COOL 24 mi o, aṣọ mi kì í rùn.

Fíríìjì Sábó

Ẹ máa lò ó lọ, sà. Ẹ̀rọ kékeré nínú yàrá ńlá kì í sinmi, nítorí náà COOL rẹ̀ náà ń fa omi dáadáa. 1.5HP nínú yàrá kékeré ló máa ń tètè dákẹ́. Báwo ni yàrá Ará Lágéré ṣe tóbi tó?

Ará Lágéré

Ẹsẹ̀ 12 níbùú, 12 lóròó, àjà rẹ̀ tó ẹsẹ̀ 9. Mo ṣe bí ọ̀gá Òkèsà ṣe wí. COOL 25 fún ìṣẹ́jú 40, mo wá tẹ DRY. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, omi inú kẹ́ẹ̀gì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2. Mo dà á nù. Wákàtí méjì kejì, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2. Ara tù mí, yàrá kò rin bíi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò dín kù. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Mo tún gbìyànjú TURBO lórí DRY kó lè yá. Kò dáhùn.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Ẹ kú iṣẹ́. Omi yẹn ti sọ̀rọ̀. Yàrá yín gba afẹ́fẹ́ tó tó mítà onígun 37. Ní dígírì 27 tí ọ̀rinrin sì wà ní ìdá 85 nínú 100, mítà onígun kọ̀ọ̀kan ní omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 22 nínú. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: gbogbo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yín kò pé lítà kan, ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtílítà 80. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó gbẹ dé ibi tí bàtà kò ti ní bu mọ́, ìyẹn bíi ìdá 60, kò ju sẹ̀ǹtílítà 24 lọ tí ẹ ní láti fà jáde nínú rẹ̀.

Ẹ ti fa bíi lítà 4. Níbo ni ìyókù ti wá? Díẹ̀ wá láti ara aṣọ, ibùsùn àti ògiri, torí àwọn náà ti mu omi, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn nìkan ni, wákàtí méjì kejì ìbá ti dín kù. Ó dúró síbi tó wà, ìyẹn ni pé ìta ń rán omi wọlé bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á jáde. Ẹ wo fèrèsé yín. Ṣé gíláàsì onípele ni?

Ará Lágéré

Bẹ́ẹ̀ ni, lúfà àtijọ́. Àyè sì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn tí ìka ọwọ́ lè wọ̀.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Òun náà nìyẹn. Lúfà kì í pa mọ́ra tán láé. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bò ó láti inú, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yí ká, ẹ tẹ́ aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ tún gbé kẹ́ẹ̀gì náà sí abẹ́ páìpù omi níta. Tí ti wákàtí méjì kejì bá wá sí bíi ìdajì ti àkọ́kọ́, ẹ ti dí ibi tó yẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí: ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí ilé, ẹ má sì gbé sítóòfù eléèédú wọ inú yàrá tí ẹ ti dí báyìí.

Ní ti TURBO: DRY fẹ́ fáànù kékeré, TURBO fẹ́ fáànù ńlá, ẹ̀rọ kò lè sin ọ̀gá méjì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, COOL nìkan ni TURBO ń bá ṣiṣẹ́, àti HEAT fún èyí tó ní i. Lórí tiyín tí kì í ṣe ínfátà, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kò ní agbára mìíràn tó fi pamọ́. Ohun tí TURBO ń ṣe kò ju pé ó gbé fáànù lọ sókè pátápátá, ó sì gbàgbé nọ́mbà yín, ó ń lé bíi 16. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ẹ ó mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé. Lórí ínfátà ló ti ní ìtumọ̀ gan-an, torí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ibẹ̀ lè sáré sí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì pa á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30. Èyí tí kì í pa ara rẹ̀ ló ń jẹ owó, torí yàrá yín kò ní dé 16 láéláé, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ kò sì ní sinmi.

Gbọ́nmú, gáàsì kò ṣeé jẹ tán. Inú páìpù tí a dí pa ló ń yí kiri. Tó bá dín kù, ó ń jò.

Gbọ́nmú

Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ti rí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tó jó lórí TURBO ní alẹ́ tí iná kéré. Kí ló jó o?

Fíríìjì Sábó

Iná kékeré yẹn ni. Ní fóọ́tì 160 tàbí 170, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tí kì í ṣe ínfátà lè kùn láìlè bẹ̀rẹ̀, tàbí kó máa fa iná tó pọ̀ jù tí wáyà inú rẹ̀ á fi gbóná. COOL náà lè jó o bẹ́ẹ̀. TURBO kàn jẹ́ kó burú sí i ni, torí kò fún un ní ìsinmi. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó ta “ká”, tó tún ń kùn, ẹ pa á. Ẹ lè fi FAN nìkan jókòó ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò jẹ ju bíi wáàtì 40 sí 50 lọ, ẹ̀rọ ìta kò sì ní dá sí i. Tí iná bá lọ tó sì dé, tí ẹ̀rọ ìta kò tètè dáhùn, ẹ má máa tẹ rìmóòtù léraléra. Ó ń dúró bíi ìṣẹ́jú 3 láti dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Ìyá Ibejì Mọ́dákẹ́kẹ́

Asẹ́ ló dí o! Eruku rẹ̀ nípọn bí aṣọ. Mo fọ̀ ọ́, yìnyín kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n FAN tẹ́ ẹ ní kí n tẹ̀ yẹn, ṣé kì í fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé? Torí ó ń rùn bí àkísà tútù.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Rárá, mà. Afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń fẹ́ yí ká, nínú amúlétutù ara ògiri tí a ń lò yìí. Òórùn yẹn wá láti ara kọ́ìlì tó tutù tí a pa láìgbẹ. Ẹ máa fi sí FAN fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó pa á.

Fíríìjì Sábó

Ibẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ, ọ̀gá. Omi ara kọ́ìlì yẹn náà ni FAN ń fẹ́ padà sínú yàrá tí a ti fi òru gbogbo gbẹ. Fún Ará Lágéré, ó sàn kó pa á láti DRY, kó sì jẹ́ kó kán tán.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kọ́ìlì tí kò gbẹ á rùn láàárín oṣù díẹ̀. Omi tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ kò pọ̀. Èmi á ní kó ṣe é láàárọ̀, nígbà tó bá fẹ́ jáde, kó ṣí ilẹ̀kùn yàrá sí pálọ̀.

Fíríìjì Sábó

Pálọ̀ náà ní bàtà nínú, sà.

Ará Lágéré

Mo ti lẹ ọ̀rá mọ́ fèrèsé. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, lítà kan ààbọ̀. Èkejì, kò pé ìdajì lítà, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ sì ń sinmi pẹ́. Ṣé kí n fi í sí DRY di òwúrọ̀ ni, àbí kí n padà sí COOL 26 pẹ̀lú fáànù kékeré?

Gbọ́nmú

COOL 26, fáànù kékeré. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti DRY.

Ẹlẹ́rọ Òkèsà

Ìyàtọ̀ wà nígbà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá dákẹ́: ẹ wò ó bóyá fáànù ń dúró. Tó bá dúró nínú DRY tí kò dúró nínú COOL, ẹ fi sí DRY. Tí ẹ̀rọ tiyín bá ń ṣe bákan náà nínú méjèèjì, COOL 26 ni kí ẹ lò, torí ẹ lè yan nọ́mbà tó bá yín lára mu. Ẹ fi TIMER sí i kó kú ní agogo 5 ìdájí.